Káàdì Ọwọ́ Nìkan Ò Tó: Àgbéyẹ̀wò Bí Olùdìbò Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Orúkọ Rẹ̀ Wà

Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan náà ni rédíò, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń la aráàlú lọ́yẹ̀ máa ń tẹnu mọ́: ẹ lọ gba káàdì ìdìbò yín. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Bí rìsíìtì ṣe rí sí ìwé tí oníṣòwò ń kọ ọjà sí ni káàdì alálòpẹ́ rí sí ìwé orúkọ olùdìbò. Bí méjèèjì bá ta kora, ìwé orúkọ ló máa borí. Ní ìdìbò ọdún 2023, nígbà tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, lo ẹ̀rọ BVAS kárí orílẹ̀-èdè, ohun tí òṣìṣẹ́ ibùdó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wá olùdìbò nínú ẹ̀rọ náà. Ó lè ya àmì ara káàdì, ó lè tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùdìbò, ó sì lè fi orúkọ ìdílé wá a. Ìgbà tí orúkọ bá jáde tán ni ìtẹ̀ka tàbí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan àyẹ̀wò. Orúkọ àwọn tó wà ní ibùdó kan nìkan ni ẹ̀rọ ibùdó náà sì gbé. Ẹni tó bá mú káàdì tòótọ́ lọ sí ibùdó tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sí bí alábòójútó ibẹ̀ ṣe lè ràn án lọ́wọ́, kódà bí ibùdó tirẹ̀ bá wà ní òdìkejì títì.

Nígbà ìdìbò yẹn, orúkọ 93,469,008 ló wà nínú ìwé, káàdì 87,209,007 ni àwọn ènìyàn sì ti gbà. Káàdì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà tó kù nílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn tó ti gba káàdì ṣùgbọ́n tí wọn ò mọ ibi tí orúkọ wọn wà kò hàn nínú ìṣirò yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sapá tán, wọ́n ti tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí wọ́n tó wá pàdánù ìbò wọn lójú ọ̀nà ibùdó. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé ètò ìlanilọ́yẹ̀ kankan tí kò bá kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń yẹ orúkọ wọn wò nínú ìwé, tí kò sì sọ ìgbà tí àyẹ̀wò náà ṣì wúlò, kò tíì ṣe iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó sọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ ká mọ ìdí tí orúkọ fi lè ṣípò tàbí kó pòórá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe màgòmágó. Ìdí àkọ́kọ́ ni pípín ibùdó. Láti ọdún 1996 títí di 2021, ibùdó ìdìbò 119,973 ni Nàìjíríà ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ń fẹ̀, àdúgbò tuntun sì ń yọ níbi tó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀. Ní 2021, INEC sọ iye náà di 176,846. Iṣẹ́ tó yẹ ká yìn ni, torí ó mú ibùdó súnmọ́ ilé. Àmọ́ ibùdó tuntun kò lè wúlò bí kò bá sí orúkọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ìdìbò 2023 tó wáyé, àjọ náà kó àwọn olùdìbò kan kúrò ní ibùdó tí èrò ti pọ̀ jù, wọ́n sì fi orúkọ wọn sí ibùdó tuntun tó wà nítòsí. Káàdì àtijọ́ ṣì ṣeé lò, wọn ò pe ẹnikẹ́ni kó wá pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: ara káàdì ṣì ń sọ ibùdó àtijọ́, ìwé orúkọ sì ti ń sọ òmíràn. INEC fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tọ́rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tí ènìyàn fi sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀ lè ti kú láti ọdún pípẹ́. Ibùdó 240 wà kárí orílẹ̀-èdè tí kò ní olùdìbò kankan, tí ìdìbò kò sì wáyé níbẹ̀. Pípín ibùdó àti pípín orúkọ, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìdí kejì ni fífọ ìwé orúkọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 2022, ènìyàn 12,298,944 ló parí ìforúkọsílẹ̀ tuntun. Nígbà tí INEC fi ẹ̀rọ tó ń wo ìtẹ̀ka àti ojú fi orúkọ wé orúkọ, 2,780,756 nínú wọn ni wọ́n yọ kúrò, èyí tó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ọjọ́ orí àwọn kan kò tíì tó, àwọn kan lè jẹ́ oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín ìlú, kò ṣòro láti rí i pé olódodo náà lè bọ́ sínú àwọ̀n yìí: ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní 2011, tí káàdì rẹ̀ sọnù, tí kò sì mọ̀ pé ẹ̀dà káàdì ló yẹ kóun béèrè, ẹni tó kó láti Ìlọrin lọ sí Abẹ́òkúta, tó rò pé ìlú tuntun gba ìforúkọsílẹ̀ tuntun. Ẹ̀rọ ò mọ èrò ọkàn. Ìtẹ̀ka kan náà ló rí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe olúwarẹ̀ ní aforúkọsílẹ̀-lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí Òfin Ìdìbò ọdún 2022 kà sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n wá. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú ohunkóhun. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ìwé, oògùn tó máa lò fún ara rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó máa pa á lára.

Báwo wá ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ìbéèrè mẹ́ta ni ìwé àsọyé tó péye gbọ́dọ̀ kọ́ aráàlú láti béèrè, kì í ṣe ọ̀kan: ǹjẹ́ orúkọ mi wà níbẹ̀, ibùdó wo ni wọ́n fi mí sí, ǹjẹ́ bí wọ́n ṣe kọ mí bá ẹni tí mo jẹ́ mu? Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé tí INEC ṣí fún èyí kí ìdìbò 2023 tó wáyé ni cvr.inecnigeria.org/vvs. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni kí ènìyàn yan ìpínlẹ̀, kó tẹ orúkọ ìdílé, orúkọ tirẹ̀ àti ọjọ́ ìbí. Èkejì ni kó yan ìpínlẹ̀, kó tẹ orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀, èyí tí wọ́n kọ VIN sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí káàdì. Ẹni tí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́, ọ̀nà kejì ni kó kọ́kọ́ gbà, torí ohun tí ènìyàn lè ṣì kọ níbẹ̀ kò pọ̀. Ìpínlẹ̀ tí à ń sọ kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí bàbá ẹni ti wá, kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé báyìí bí kò ṣe ibi tó ti forúkọ sílẹ̀. Àṣìṣe kékeré yìí nìkan ti tó láti mú kí ojú ìwé náà sọ pé kò rí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tí a fọkàn yàwòrán rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìbàdàn ló ti forúkọ sílẹ̀ ní 2011, Èkó ló ń gbé báyìí. Ó yan Èkó, ó tẹ Adesina Folasade, ó tẹ ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 1980, wọ́n ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó yan Ọ̀yọ́, wọ́n tún ní kò sí. Bó bá dúró síbẹ̀, yóò gbà pé wọ́n ti yọ òun. Àmọ́ bó bá mú káàdì rẹ̀ jáde tó wò ó dáadáa, yóò rí i pé ẹni tó tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn kọ Adeshina, ó kọ Folashade, ó sì fi ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní sí ọjọ́ ìbí. Nígbà tó wá tẹ ADESHINA pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn, tó yan Ọ̀yọ́, orúkọ rẹ̀ jáde. Kó má tíì pa fóònù o. Lára káàdì, nọ́ńbà kan wà tó ń fi ibùdó hàn: méjì àkọ́kọ́ ni ìpínlẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ìjọba ìbílẹ̀, méjì mìíràn ni wọ́ọ̀dù, mẹ́ta ìkẹyìn ni ibùdó fúnra rẹ̀. 30 ni Ọ̀yọ́, 24 ni Èkó, 27 ni Ògùn, 29 ni Ọ̀ṣun. Ká ní mẹ́ta ìkẹyìn lára káàdì obìnrin yìí jẹ́ 004, tí ojú ìwé sì ń fi 027 hàn ní wọ́ọ̀dù kan náà, ó ti ṣípò nìyẹn. 027 ni yóò lọ lọ́jọ́ ìdìbò, kó sì kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀, torí nọ́ńbà nìkan kò lè júwe ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ojúde tí ibùdó náà wà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kan àwa Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ìwé àsọyé kì í sábà dúró lé e lórí. Ìwé orúkọ náà kò ní àmì ohùn, kò ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Nítorí náà, Ṣadé lè di Sade, ó lè di Shade. Ṣọlá lè di Sola tàbí Shola. Sikirat lè di Sikiratu. Obìnrin tó lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ń wá orúkọ ọkọ níbi tí orúkọ bàbá ṣì wà. Ẹlòmíràn, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ sí ipò orúkọ ìdílé. Àwọn àgbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn gan-an, ọjọ́ tí akọ̀wé fojú bù fún wọn ló wà nínú ìwé. Ẹ̀rọ ò lè méfò. Lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀ ti tó fún un láti sọ pé rárá. Èyí ló fà á tí ìdáhùn “kò sí” lórí fóònù kò fi gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ní ìgbìyànjú kan. Kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ bí káàdì ṣe kọ ọ́, kó yí ipò orúkọ méjèèjì padà, kó dán ìkọsílẹ̀ mìíràn wò. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà ló yẹ kó mú káàdì lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó ní kí wọ́n wá òun. Ẹni tó kó kúrò ní ìlú, ìṣípòpadà ni kó béèrè. Ẹni tí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ kò dára, àtúnṣe ni kó béèrè. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù, ẹ̀dà ni kó béèrè. Ìforúkọsílẹ̀ tuntun wà fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rí láyé rẹ̀, òun nìkan ló wà fún.

Àwọn kan á sọ pé ohun tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ní fóònù olówó ńlá ni, pé ìyá àgbà ní Òkè-Ògùn kò mọ ojú ìwé kankan. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ìwé orúkọ síta gbangba. Lábẹ́ òfin ọdún 2022, ìpàtẹ yìí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ méje, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ, ẹnikẹ́ni sì lè wá sọ nígbà náà pé wọ́n fo orúkọ òun, tàbí pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà. Ní 2022, ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù 8,809 àti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Orúkọ 93,522,272 ló wà nínú ìwé tí wọ́n pàtẹ. Nígbà tí àwọn aráàlú wò ó tán, wọ́n ta ko orúkọ 53,264 nítorí ọjọ́ orí, nítorí àìjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, tàbí nítorí pé ẹni náà ti kú. INEC yẹ̀ wọ́n wò, ó sì yọ wọ́n. Bí ìwé náà ṣe di 93,469,008 nìyẹn. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa: iṣẹ́ ojú àwọn ará àdúgbò ni, ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe é. Ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ìtẹ̀ka kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kò lè mọ̀ pé wọ́n ti sin bàbá kan lẹ́yìn ilé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nítorí náà, ìyá àgbà tó dé ibi ìpàtẹ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó lè kàwé lè rí ohun tí kọ̀ǹpútà kò rí. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe àtakò ni pé wọ́ọ̀dù jìnnà sí ẹlòmíràn, pé ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sì kéré fún àgbẹ̀ tó wà lóko. Ó yẹ kí ìpàtẹ náà dé ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí akéde ìlú sì polongo rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀tàn, tí wọ́n ní bí a bá ń kọ́ aráàlú láti máa tẹ nọ́ńbà káàdì kiri, a ń fà wọ́n lé oníjìbìtì lọ́wọ́. Kí ìdìbò 2023 tó dé, INEC fúnra rẹ̀ ké gbàjarè pé àwọn olóṣèlú kan ń ra káàdì, wọ́n sì ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ìbẹ̀rù náà tọ́, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe pé ká má yẹ orúkọ wò. Ohun tó yẹ ni pé kí ìwé àsọyé ya ààlà náà síta gedegbe: ojú ìwé INEC ni ènìyàn ń tẹ nọ́ńbà sí, òṣìṣẹ́ inú ọ́fíìsì INEC ni ènìyàn ń fi káàdì hàn, kò tún sí ẹlòmíràn. Ojú ìwé tó bá béèrè owó, nọ́ńbà ilé ìfowópamọ́ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ènìyàn ń ṣe kì í ṣe ti àjọ náà. Ẹni tó bá wá sí ẹnu ọ̀nà láti kọ nọ́ńbà káàdì sínú ìwé, ì báà wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí a fẹ́ràn, ẹ má fún un. Títà àti ríra káàdì, òfin ọdún 2022 fi owó ìtanràn tí kò ju 500,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí méjèèjì pọ̀, dè é.

Èyí náà ló sọ ohun tí àìṣègbè túmọ̀ sí nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ rò pé kí ìwé àsọyé má ṣègbè ni pé kó má dárúkọ olùdíje kankan. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé kí ètò náà má kó nǹkan kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀: kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ ya àwòrán káàdì ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ máa ṣa àdúgbò tó máa kọ́ àti èyí tó máa fò. Ẹgbẹ́ tó bá lọ sí wọ́ọ̀dù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lókun nìkan ti ṣègbè, kódà bó bá jẹ́ pé òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ níbẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá ń bá àgbà tẹ fóònù gbọ́dọ̀ dá fóònù náà padà pẹ̀lú ojú ìwé tó ti pa.

Èyí tó kù ni àsìkò, òun ni mo sì kà sí àlébù tó tóbi jù nínú àwọn ètò tí a ti ń gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò ni rédíò máa ń kún fún “ẹ yẹ ibùdó yín wò.” Lóòótọ́, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà ṣì lè mọ ibùdó tó yẹ kó lọ, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ kò lè tún ohunkóhun ṣe mọ́. Òfin ọdún 2022 sọ pé ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, ó pẹ́ tán, ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí ìdìbò tó wáyé, iye ọjọ́ kan náà ló fi sílẹ̀ fún ìṣípòpadà àti ẹ̀dà káàdì. INEC sì lè ti ilẹ̀kùn ṣáájú ìgbà yẹn. Ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 2022 ló tì í, ìdìbò ààrẹ sì wáyé ní ọjọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2023. Ó lé ní oṣù mẹ́fà láàárín méjèèjì. Obìnrin Adesina wa yẹn, bó bá jẹ́ oṣù kìíní 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ rẹ̀, Ìbàdàn ni yóò wọkọ̀ lọ láti dìbò tàbí kó jókòó sílé l’Ékòó. INEC tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò fún rédíò, fún ọjà àti fún ilé ìjọsìn, ẹ fi ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì sí ìlà àkọ́kọ́ ìwé yín, kí ẹ tó sọ ọjọ́ ìdìbò. Ẹ̀yin tí káàdì yín sì ti wà nínú àpótí láti 2011, ẹ mú un jáde, ẹ fi nọ́ńbà ibùdó ara rẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ INEC.